Òǹwòran Kì í Ṣe Adájọ́: Èsì fún Àwọn Tó Ń Pe Odéwálé ní Òmùgọ̀



Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa débi pé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Mọ́níyà lọ́sàn-án Sátidé, níbi tí wọ́n ti ń wo fíìmù. Ọkùnrin inú fíìmù na ọwọ́ gba ife lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti rí i nígbà tí ọ̀rẹ́ náà da májèlé sínú ife. Onídìrí dáwọ́ dúró, ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ pòṣé, ẹnì kan sì pariwo láti ẹ̀yìn pé: "Òmùgọ̀! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?"

Ìgbàgbọ́ náà ni pé àwa tí à ń wòran là ń rí ohun gbogbo, nítorí náà ìdájọ́ wa lórí ẹ̀dá-ìtàn ló tọ́. Mo ní irọ́ gbáà ni. Ohun tí a rí, ẹni tó kọ eré ló yàn án fún wa, òun náà ló sì yan ìgbà tí a ó rí i. Ìdájọ́ tí à ń pè ní tiwa, ó ti gbé e kalẹ̀ kí a tó jókòó. Ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń gbà ṣe é.

Ohun tí a mọ̀ tí Odéwálé kò mọ̀

Ní ọdún 1968, àwọn òṣèré Orí Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ṣe eré Ọlá Rótìmí lórí Ọba Odéwálé, eré tí àkọlé rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé ẹ̀bi kì í ṣe ti àwọn òrìṣà. Ó di ìwé ní 1971, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ló sì ti kà á. Ọ̀dọ̀ Sófókílíìsì, ará Gíríìsì àtijọ́, ni Rótìmí ti mú gbòǹgbò ìtàn náà. Àwọn ará Áténì ti mọ ìtàn ọ̀hún kí wọ́n tó wá wòran. Rótìmí mọ̀ pé òǹwòran tirẹ̀ lè máà tíì gbọ́ ọ rí, nítorí náà ó fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú ṣí eré.

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú yẹn la ti gbọ́ gbogbo àṣírí. Ọba Adétùsá àti Òjúọlá bí àkọ́bí wọn ní ìlú Kútujẹ. Baba Fákúnlé, babaláwo afọ́jú, ní ọmọ náà yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fi ìyá rẹ̀ ṣaya. Wọ́n di ọmọ lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé e fún Gbọ́nkà pé kó lọ fi í sílẹ̀ nínú igbó kó kú. Lẹ́yìn náà la rí ọkùnrin kan tó wọ Kútujẹ, tó gba ìlú lọ́wọ́ àwọn ará Ìkòlú, tí wọ́n fi jọba, tó sì fi opó ọba tó wàjà ṣaya. Eré gan-an kò tíì bẹ̀rẹ̀, a ti mọ ẹni tó jókòó lórí ìtẹ́.

Ọdún 11 kọjá, àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í pa ará ìlú. Adérópò, ọmọ ọba tó wàjà, lọ ṣe ìbéèrè ní Ifẹ̀, ó sì mú èsì bọ̀ pé ẹni tó pa Adétùsá ń gbé láàárín wọn. Odéwálé fi Ògún búra níwájú gbogbo ènìyàn: òun yóò wá apànìyàn náà jáde, wọn yóò dójú tì í ní gbangba, wọn yóò fi òkùnkùn bo ojú rẹ̀, wọn yóò sì lé e kúrò ní ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i. Ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i! Odéwálé gbà pé Ìjẹ̀kùn-Yemọja ni wọ́n ti bí òun. Àwa nìkan la mọ̀ pé orí ara rẹ̀ ló ń dá ẹjọ́ náà lé. Ọ̀nà kìíní nìyẹn, bí àìmọ̀ ẹ̀dá-ìtàn ṣe ń pàdé ìmọ̀ òǹwòran, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń sọ pé: "Ọba yìí mà gọ̀ o."

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú yẹn kúrò, ká tún eré náà wò láìfi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Kí la rí? Ọba kan tí àìsàn ti wọ ilé òun náà, tí kò sì jókòó tẹtẹrẹ, tó ń sọ fún àwọn ará ìlú pé kí wọ́n lọ já ewé, kí wọ́n sè é, kí wọ́n mu ún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọmọ ọba àná wà, ẹni tí oyè ì bá kàn bí kì í bá ṣe ti àjèjì yìí. Ọmọ ọba náà ti Ifẹ̀ dé, kò fẹ́ sọ èsì Ifá ní gbangba, ó ní ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ ni. Kò pẹ́, babaláwo afọ́jú kan dé, ó pe ọba ní apànìyàn, kò sì mú ẹ̀rí kankan wá. Ta ni nínú wa tí kò ní fura sí Adérópò? Ṣọ́ọ̀bù onídìrí yẹn kan náà ni yóò pariwo pé: "Adérópò ni! Òun ló ra bàbá yẹn!" Nígbà tí Odéwálé bá sì wá fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Adérópò, a ó ní ọlọ́gbọ́n ọba ni, ojú rẹ̀ là.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò yí padà. Ìwà wọn kò yí padà. Ìdájọ́ wa nìkan ló dorí kodò. Bí ìdájọ́ bá lè dorí kodò nítorí pé wọ́n gé ìbẹ̀rẹ̀ eré, ojú wa kọ́ ló mú un wá.

Ibi tí ẹ̀bi rẹ̀ wà gan-an

Ẹnì kan á ní: "Ṣé Odéwálé ò jẹ̀bi rárá nìyẹn?" Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun tó mọ̀ lásìkò tó ń ṣe nǹkan la fi ń wọn ẹ̀bi rẹ̀.

Ifá ti sọ fún un ní Ìjẹ̀kùn pé yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Kí ló ṣe? Ó sá kúrò nílé àwọn tó mọ̀ sí òbí rẹ̀ kí ibi náà má baà ṣẹlẹ̀. Ẹni tó nífẹ̀ẹ́ òbí rẹ̀ ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òmùgọ̀. Pé ìsá yẹn ló gbé e bá ohun tó ń sá fún, kò sí ọgbọ́n ènìyàn tó lè mọ̀ ọ́n. Kódà nígbà tí Aláká ti Ìjẹ̀kùn wá sọ fún un pé Ògúndélé, ẹni tó ń pè ní bàbá, ti kú, ìtura ni ìròyìn náà kọ́kọ́ jẹ́ fún un, torí kò kú láti ọwọ́ rẹ̀. Ẹnu Aláká yìí kan náà ló ti gbọ́ pé Ògúndélé kì í ṣe bàbá òun.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ẹdẹ yàtọ̀. Lórí oko tí Odéwálé rà nítòsí Ẹdẹ, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ mẹ́ta ti pàdé, bàbá àgbà kan kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá wú iṣu ibẹ̀. Ìjà bẹ́ sílẹ̀. Bàbá náà fi èdè Odéwálé àti ìran rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Inú bí Odéwálé, ó sì fi ọkọ́ pa á. Kò mọ̀ pé bàbá òun ni, àmọ́ ó mọ̀ pé ènìyàn ni. Ẹ̀bi rẹ̀ rèé, kò sì nílò ọ̀rọ̀ ìṣáájú kankan kí á tó rí i. Àsìkò ogun abẹ́lé Nàìjíríà, 1967 sí 1970, ni eré yìí jáde. Kì í ṣe èèṣì pé èébú ẹ̀yà ló tan iná ìjà náà. Ẹni tó bá kígbe "òmùgọ̀" ti da ohun tí kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pọ̀ mọ́ ohun tí ìbínú ṣe. Ó bá Odéwálé wí fún èyí tí kò jẹ̀bi rẹ̀, ó sì gbójú fo èyí tó jẹ̀bi rẹ̀.

Ẹ̀rín kì í ṣe ẹ̀rí

Ọ̀nà kejì ni ọ̀rọ̀ tí òdìkejì rẹ̀ ni ẹni tó sọ ọ́ ní lọ́kàn. Aago 11 òwúrọ̀, ìyàwó ilé yọ láti yàrá, ìyá ọkọ sì kí i tẹ̀yẹtẹ̀yẹ: "Ẹ káàárọ̀ o, ìyàwó wa. Ẹ mà kú iṣẹ́ o! Ẹ má jí jù báyìí o, ó ń rẹ ara." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ti dá ẹjọ́: ọ̀lẹ ni ìyàwó. Kò sì tíì la ẹnu rẹ̀.

Bí eré bá ti kọ́kọ́ fi òru hàn wá, tí a rí ìyàwó yìí tó ń fi omi tútù nu ara ọmọ tí ibà ń ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sẹ́ni tí yóò rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ ni a ó kórìíra. Ìkíni kan náà ni, ohùn kan náà ni. Ẹni tó bá mọ̀rọ̀ọ́ sọ lórí ìtàgé máa ń fa òǹwòran sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, torí ó dùn mọ́ wa pé ohun tí kò sọ síta yé wa. Adùn yẹn la máa ń pè ní òdodo.

"Ó tọ́ sí i" kì í ṣe òpin ẹjọ́

Ọ̀nà kẹta ni kí nǹkan yọrí sí òdì ohun tí a retí. Níhìn-ín ni a ti máa ń sọ pé: "Ó tọ́ sí i!" A gbà pé bí ìṣubú bá ti bá ìwà ẹni mu rẹ́gí, òdodo ti lékè.

Ẹ wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Nínú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú wá fi òfin de àwọn ẹrú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ bímọ. Adétutù, ọ̀kan nínú wọn, lóyún, Ẹfúnṣetán sì pa á. Ìwà ìkà náà ló wá fa ìṣubú rẹ̀. Òǹwòran pàtẹ́wọ́ fún Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn tó bì í ṣubú.

Nísinsìnyí, ẹ wo obìnrin kan náà nínú ìtàn Ìbàdàn. Oníṣòwò ńlá ni, ó ń fi ohun ìjà àti ẹrù ran àwọn jagunjagun lọ́wọ́. Òun àti Ààrẹ Látòósà kò gbọ́ ara wọn yé lórí ogun àti agbára. Ní 1874, wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lo àwọn ẹrú inú ilé rẹ̀ láti pa á. Ìdàkejì wà nínú èyí náà: ẹni tó fi owó gbé ogun Ìbàdàn ró, olórí ogun Ìbàdàn ló pa á. Ẹni tó bá gbọ́ ọ báyìí kò ní pàtẹ́wọ́ fún Látòósà.

Obìnrin kan, ìṣubú kan, ìdájọ́ méjì. Ìkà tó hù sí àwọn ẹrú lè jẹ́ òótọ́, ọ̀tẹ̀ Látòósà náà sì lè jẹ́ òótọ́. Èyí tí òǹkọ̀wé bá gbé síwájú ni ìṣubú náà yóò dà bí ẹ̀san rẹ̀.

Ohun tí mo ń bèèrè

Ẹ̀yin olùkọ́ lítírésọ̀, ẹ yé fún ọmọ ní máàkì nítorí "òmùgọ̀ ni" tàbí "ó tọ́ sí i". Ẹ ní kó kọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn mọ̀ ní wákàtí tó hùwà náà. Ẹ ní kó kọ ohun tí òun mọ̀, ẹni tó sọ ọ́ fún un, àti ibi tó ti sọ ọ́ nínú eré. Lẹ́yìn náà, kó yọ ìmọ̀ yẹn kúrò kó tún ẹjọ́ dá. Ẹ̀bi tó bá ṣẹ́kù, ti ẹ̀dá-ìtàn ni. Èyí tó bá pòórá, ọwọ́ òǹkọ̀wé ló ti wá.

Ẹni tó bá ṣì ní òmùgọ̀ ni Odéwálé, kó sọ ohun tí òun ì bá ṣe ní Ìjẹ̀kùn lọ́jọ́ tí Ifá sọ̀rọ̀, láìsí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i létí.