Wàrà Kan Náà, Ara Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹni méjì lè sọ pé mílíìkì kì í bá àwọn lára mu, kí wàrà díndín tí wọ́n ń tà lọ́jà Ìkàrẹ́ jẹ́ oúnjẹ gidi fún ẹnì kìíní, kó sì fẹ́ gba ẹ̀mí ẹnì kejì. Ní Àkùngbá níbí, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo la máa ń fún àwọn méjèèjì: “Má mu mílíìkì mọ́.” Ìmọ̀ràn yẹn ti le jù fún àgbàlagbà, kò sì tíì tó fún ọmọ ọwọ́. Èyí ló ń dùn mí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin. Oòrùn mú, ó po gààrì, ó bu mílíìkì oníyẹ̀fun síbí ìjẹun mẹ́fà tó kún gòbì sí i. Kò tíì pé wákàtí méjì tí inú rẹ̀ fi ń kùn, tó wú, tí isó ń dà á láàmú, tó wá ń sáré lọ sílé ìgbẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní gààrì ló ṣe é. Ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ gààrì mọ́. Nínú síbí mẹ́fà yẹn, ṣúgà mílíìkì tí wọ́n ń pè ní lakitóòsì lé ní gíráàmù 20. Kí ara tó lè lo ṣúgà yìí, ohun kan nínú ìfun kékeré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé e sí méjì. Gbogbo wa la bí i mọ́ ní ọmọ ọwọ́, nítorí ṣúgà yìí pọ̀ nínú ọmú ìyá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, ó máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣúgà tí a kò gé á wá bọ́ sínú ìfun ńlá, á fa omi mọ́ra, àwọn kòkòrò ibẹ̀ á sì sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Ohun tó ń kùn nìyẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, ẹni tó di mínísítà ìlera lọ́dún 1985, wà lára àwọn tó fìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ nílẹ̀ wa. Lọ́dún 1971, òun àti Norman Kretchmer láti Yunifásítì Stanford pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí jáde lórí oríṣiríṣi ẹ̀yà ní Nàìjíríà. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní lakitóòsì mu, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò bóyá ṣúgà inú rẹ̀ á lọ sókè. Láàárín àwọn àgbà Yorùbá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ara rẹ̀ lè gé e dáadáa. Láàárín àwọn Fúlàní darandaran, èyí tó pọ̀ jù lọ ló lè gé e. Nígbà tí wọ́n tún wo àwọn ìdílé lọ́dún 1975, ó hàn pé àjogúnbá ni.

Ẹni tó bá ka èyí lè rò pé kí gbogbo Yorùbá da mílíìkì nù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń fún àgbà mu nírú ìdánwò yẹn tó gíráàmù 50, ìyẹn ohun tó wà nínú mílíìkì tó ju lítà kan lọ. Ta ló ń mu lítà kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò lè gé ṣúgà yìí lè mu tó gíráàmù 12, bíi ife kan, láìsí wàhálà tó kọjá kékeré, pàápàá tí wọ́n bá mu ún pẹ̀lú oúnjẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lè fi síbí méjì pẹrẹsẹ po gààrì rẹ̀, kó sùn dáadáa. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ dájú, kó fi mílíìkì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó wá bẹ̀rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, á mọ ibi tí ara rẹ̀ gbà á dé.

Wàrà sì dára fún un ju bó ṣe rò lọ. Ìyá Fúlàní á gbé mílíìkì tútù kaná, á fún omi ewé bọmubọmu sí i, á máa ko iná mọ́ ọn títí yóò fi dì. Á wá kó o sínú agbọ̀n kéékèèké, omi ràkọ̀ràkọ̀ kan á sì máa ro jáde lábẹ́ rẹ̀. Inú omi tó ro dànù yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà náà bá lọ. Nónò àti yógọ́ọ̀tì náà rọrùn ju mílíìkì lásán lọ, nítorí àwọn kòkòrò tó mú wọn kan ti jẹ díẹ̀ nínú ṣúgà, bí wọ́n bá sì wà láàyè, wọ́n tún ń bá ìfun gé ìyókù.

Ṣùgbọ́n kí ló ṣẹ́ kù sínú agbọ̀n? Èròjà amúaradàgbà inú mílíìkì ni, èyí tó ń jẹ́ kéésìn, ó sì ti ki pọ̀. Òun gan-an ni ara ẹni tó ní àlẹ́jì mílíìkì ń bá jà. Dídín kò sì lè pa á.

Ọmọ ọwọ́ ni àlẹ́jì yìí sábà máa ń mú, nínú ọdún kìíní. Ìyá kan padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n po mílíìkì agolo fún ọmọ olóṣù márùn-ún fún ìgbà àkọ́kọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ètè ọmọ wú, ara rẹ̀ lé kókókó bíi pé ẹ̀fọn jẹ ẹ́, ó bì. Ìyá àgbà ní kí wọ́n pààrọ̀ agolo. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n ra èyí tí wọ́n ti yọ lakitóòsì kúrò nínú rẹ̀, ẹlòmíràn ní mílíìkì ewúrẹ́. Àṣìṣe tó léwu ni gbogbo rẹ̀. Èyí tí wọ́n yọ ṣúgà rẹ̀ kò yọ kéésìn rẹ̀, ti ewúrẹ́ sì jọ ti màlúù débi pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ tí ara wọn kọ ọ̀kan ló ń kọ èkejì.

Ibi tí a ti lè mọ ìyàtọ̀ rèé. Inú nìkan ni ọ̀ràn ṣúgà máa ń dà láàmú, kì í wú ètè, kì í jẹ́ kí ara lé, kì í dí èémí. Bí èémí ọmọ bá ń dún tàbí tó rẹ̀ ẹ́ wọ̀ọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe dúró de àgbo. Irú àlẹ́jì kan tún wà tí kì í tètè fara hàn, ó lè tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta: ẹ̀jẹ̀ tàbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nínú ìgbẹ́, awọ ara tó ń gbẹ tó ń yún, ọmọ tí kò sanra. Ìyẹn ló máa ń tan dókítà pàápàá jẹ. Lóòótọ́, lẹ́yìn ìgbẹ́ gbuuru tó le, ìfun ọmọ lè má lè gé ṣúgà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn á lọ fúnra rẹ̀, kí ìyá má sì tìtorí rẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Fún ọmọ alálẹ́jì náà, ọmú ìyá ló dára jù. Bí àmì bá ń yọ nígbà tó ń mu ọmú, dókítà lè ní kí ìyá fúnra rẹ̀ fi mílíìkì, wàrà àti bọ́tà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kó wá jẹ ẹ́ padà láti fi mọ òótọ́. Bí ọmú kò bá sí, mílíìkì àkànṣe wà tí wọ́n ti gé èròjà amúaradàgbà rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ó wọ́n gan-an, ó sì lè má sí ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà, kí wọ́n béèrè nílé ìwòsàn. Mílíìkì sóyà kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Kí ẹni tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ mọ̀ pẹ̀lú pé mílíìkì wà nínú bisikíìtì àti kéèkì.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ló máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó tó iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Dókítà ló yẹ kó dán wọn wò. Èyí tí ètè rẹ̀ ti wú rí, tàbí tí èémí rẹ̀ ti dí rí, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n ti fún un ní mílíìkì àkọ́tọ́wò náà, níbi tí abẹ́rẹ́ àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wà nítòsí.