Bàbá Kan, Àwọ̀ Mẹ́ta: Ta Ló Ń Kun Ojú Àwọn Òṣèré Wa?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí yóò ká àwọn èdítọ̀ fíìmù wa lára, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó rẹ̀ wo fíìmù ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Bàbá jókòó sí àgbàlá, ó ń bá ọmọ rẹ̀ obìnrin wí. Ojú bàbá dúdú, ó ń dán, ó dára. Ọmọ fèsì, kámẹ́rà padà sọ́dọ̀ bàbá, ojú bàbá ti pọ́n bí ẹni tó fi epo pupa para. Ọmọ tún fèsì, a tún padà sọ́dọ̀ bàbá, ó ti di eléérú. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì péré ni o! Ìyá tó ń wò ó nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Ìkéré tàbí ní Ẹ̀mùré lè má mọ ohun tí wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún òun.

Ẹ wá bi èdítọ̀ léèrè. Ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn ní: "Ojú mi ni mo fi ń wò ó." Ìdáhùn yẹn gan-an ni mo gbé ìjà wá bá.

Ojú ènìyàn kì í ṣe ohun ìwọ̀n. Ẹni tó bá jókòó ti ìran tí wọ́n yà níwájú ògiri amọ̀ pupa fún ìdajì wákàtí, ojú rẹ̀ á ti bá pupa náà dọ́rẹ̀ẹ́, kò ní rí i mọ́. Bí ó bá tún èyí tó kàn ṣe ní àkókò yẹn, yóò tún un ṣe ní àṣìṣe, yóò sì máa yin ara rẹ̀. Ká má tilẹ̀ sọ ti kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá fèrèsé, tí oòrùn ń wọlé, tí iná ń lọ tó ń bọ̀. Oníṣòwò tó ń ta ìrẹsì kì í fi ojú díwọ̀n kóńgò, ó ní òṣùwọ̀n. Ní ayé fíìmù onírúbà pàápàá, nígbà tí àwọn bíi Ogunde ń ṣe "Aiye" ní 1979, òǹkà ni àwọn tó ń tẹ fíìmù ní òkè òkun fi ń ṣe é: ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà tirẹ̀ fún iná pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù, láti 1 dé 50. Lónìí tí òṣùwọ̀n wà nínú kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, a ní ojú ni a ó máa fi wò.

Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni mo ń wí, iṣẹ́ wọn kò sì jọra.

Èkíní ni wéfọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àwòrán náà wà níwájú yín. Ohun tó bá wà lápá òsì nínú àwòrán, apá òsì náà ni yóò wà nínú wéfọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n bí ó ti ga tó ní ń sọ bí ó ti mọ́lẹ̀ tó: 0 ni dúdú kirikiri, 100 ni funfun tí kò sí ohun tó tún funfun jù ú lọ. Ó tún ní ẹ̀yà kan tí wọ́n kọ `Parade` sí lójú kọ̀ǹpútà, tó ń ya pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èkejì ni fẹ́kítọ̀síkóòpù. Òun rí róbótó bí àwo. Ìhà tí àmì náà kọjú sí ni irú àwọ̀ tó jẹ́, bí ó sì ti jìnnà sí àárín tó ni bí àwọ̀ náà ti kún tó. Kò mọ ohunkóhun nípa ìmọ́lẹ̀ o, ẹ má bi í. Ẹ̀kẹta ni hísítógíráàmù. Òun kàn ń ka iye ẹ̀kán àwòrán tó dúdú, iye tó wà láàárín, àti iye tó funfun. Kò sọ ibi tí wọ́n wà.

Ẹ̀kẹta yìí ló máa ń tan àwọn ọmọdé èdítọ̀ jẹ. Wọ́n á ní kí hísítógíráàmù ṣọ́ọ̀tì méjì jọra, wọ́n rò pé àwọ̀ ti bára mu nìyẹn. Bí bàbá bá dúró síbi tí ojú ọ̀run ọyẹ́ funfun wà lẹ́yìn rẹ̀, tí kámẹ́rà wá súnmọ́ ọn, tí ògiri dúdú nìkan ló kù lẹ́yìn, hísítógíráàmù méjèèjì kò lè jọra láéláé, ojú bàbá ìbáà má yí padà rárá. Ẹni tó bá fi agídí mú wọn jọra, ojú bàbá ni yóò sọ di funfun kó lè dí ààyè ojú ọ̀run tó ti lọ. Ohun tí hísítógíráàmù dára fún ni kó fi hàn wá bóyá ohun kan ti kóra jọ sí ìgun kan, tó ti jóná sínú funfun tàbí tó ti rì sínú dúdú. Kò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ wá kan nọ́mbà tí a yá. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ayàwòrán pé iwájú orí ènìyàn gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí 70 lórí wéfọ́ọ̀mù. Ènìyàn wo? Òyìnbó ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun kan, Shirley, ni ilé iṣẹ́ Kodak fi ń ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ fọ́tò láti àwọn ọdún 1950, pé kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Ọdún 1976 ni pátákó àwọ̀ Macbeth jáde, tó ní ihò àwọ̀ mẹ́rìnlélógún, èkíní nínú wọn sì jẹ́ ti awọ ara dúdú. Ojú adúláwọ̀ sábà máa ń balẹ̀ sí àárín 30 sí 50, bí ara ẹni náà bá ṣe rí. Ẹ gbé ojú bàbá tó wà ní 42 lọ sí 70, kí ẹ wá wo agbádá funfun tó wọ̀: yóò ti kọjá 100, orí wéfọ́ọ̀mù yóò tẹ́ pẹrẹsẹ bí ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé. Iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá yẹn ti lọ, kò ní padà mọ́. Ẹ ò rí i pé nọ́mbà kọ́ ni ọ̀tá, nọ́mbà ẹlòmíràn ni.

Ohun tí a kò yá, tó jẹ́ ti gbogbo ayé, ni ìlà awọ ara tó wà lórí fẹ́kítọ̀síkóòpù, láàárín pupa àti ìyeyè. Dúdú ni, funfun ni, ìhà ìlà yẹn ni awọ ara ọmọ ènìyàn máa ń kọjú sí, nítorí ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù wà nínú ìmọ́lẹ̀, èyí tí wéfọ́ọ̀mù ń wọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká mú bàbá wa padà wá, kí á ro ó bí ìṣirò. Ká sọ pé àgbàlá àtijọ́ kan ní Ìkéré ni wọ́n ti yà á, ògiri amọ̀ pupa, bàbá jókòó sábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀. Ṣọ́ọ̀tì kìíní, aago mẹ́jọ àárọ̀: iwájú orí bàbá wà ní 42, agbádá rẹ̀ lórí `Parade` jẹ́ pupa 84, ewé 84, búlúù 87. Ṣọ́ọ̀tì kejì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn ń ta padà lára ògiri iwájú: iwájú orí jẹ́ 34, agbádá di pupa 80, ewé 73, búlúù 62. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi pọ́n.

Èdítọ̀ tó gbọ́n díẹ̀ yóò ní, "Agbádá funfun ni, kí n mú pupa, ewé àti búlúù dọ́gba." Rárá o. Ta ló sọ fún un pé agbádá náà funfun? Ìyá tó fọ̀ ọ́ ti rẹ ẹ́ sínú búlúù kó tó sá a, ìyẹn ni búlúù fi jẹ́ 87 ní àárọ̀. Ohun tí à ń wá kì í ṣe funfun, ìbáramu ni. Ti àárọ̀ ni kí ti ìrọ̀lẹ́ tọ̀ lẹ́yìn: 84, 84, 87.

`Gain`, tó ń mú apá tó mọ́lẹ̀ jù, ni yóò fi ṣe é, kó gbé búlúù sókè gan-an, ewé díẹ̀, pupa díńdín. Bí ó bá lọ fi `Lift` ṣe é, ìsàlẹ̀ ni yóò gbé, irun orí bàbá yóò wá di aró. Ẹ wo ìsàlẹ̀ `Parade`: bí búlúù bá fò sókè níbẹ̀ tí pupa wà nílẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tó ṣe é. Lẹ́yìn `Gain`, iwájú orí yóò ti tó nǹkan bí 39. `Gamma` ni yóò fi gbé e dé 42. Agbádá á gòkè díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kó dá `Gain` padà sílẹ̀ díẹ̀. Lọ-bọ̀ méjì, mẹ́ta, ó parí. Búlúù tí a gbé ga tó bẹ́ẹ̀ lè mú kí ibi dúdú máa hó wínníwínní bí iyanrìn. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, kó ṣe mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀nà náà kó dúró.

Ó ku fẹ́kítọ̀síkóòpù, ibẹ̀ sì ni àgbàlá amọ̀ ti ń dẹ pàkúté. Àwọ̀ amọ̀ pupa fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí ìhà kan náà pẹ̀lú awọ ara, ó kàn súnmọ́ pupa díẹ̀ sí i ni. Ògiri ló sì kún àwòrán. Èdítọ̀ á rí àmì ńlá kan tó yẹ̀ kúrò lórí ìlà, á rò pé ojú bàbá ni, á fà á bọ̀ sórí ìlà. Ògiri ló fà! Ojú bàbá á wá di ìyeyè eléwé bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Ẹ kọ́kọ́ fi fèrèsé kékeré yí iwájú orí bàbá nìkan ká, kí ìyókù dúdú, kí ẹ tó wo òṣùwọ̀n. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kọjú sógiri bá sì pọ́n díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ibi tó jókòó sí ló ń sọ.

Ìyẹn jẹ́ ìran kan. Fíìmù odindi ńkọ́? Kí èdítọ̀ mú ṣọ́ọ̀tì kan tó dára jù nínú ìran kọ̀ọ̀kan, kó tọ́jú àwòrán rẹ̀, kó kọ nọ́mbà iwájú orí òṣèré náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, kó tò gbogbo wọn sójú kan bí fọ́tò inú álúbọ́ọ̀mù. Bí bàbá bá jẹ́ 42 ní àgbàlá, 40 ní ọjà, tó wá di 55 nínú ọkọ̀ láìnídìí, ibẹ̀ ni kó padà sí. Ìran òru yàtọ̀, ojú lè wá sílẹ̀ sí 20. Níbẹ̀, wíwà lórí ìlà ni kó mójú tó, kì í ṣe gíga. Ìgbà yìí, lẹ́yìn òṣùwọ̀n, ni mo gbà kó lo ojú rẹ̀, nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, lẹ́yìn tó ti sinmi.

Àwọn kan á ní owó ni kò sí. DaVinci Resolve ọ̀fẹ́ ní òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú. Ohun tí kò sí ni ọjọ́. Ẹ̀yin pírodúsà tó ń fún èdítọ̀ ní ọjọ́ méjì láti fi tún àwọ̀ fíìmù wákàtí méjì ṣe, tí ẹ wá ná owó ọjọ́ márùn-ún sórí pósítà, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Páálí eléérú tí ẹ lè gbé síwájú kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí ìran tó bẹ̀rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ òṣèré kan lóòjọ́. Ẹ ra ọ̀kan kí ẹ tó tún wọ àgbàlá ẹnikẹ́ni.