Kí la ń fi kọ́tìn bọ́ọ̀dù wá nínú ihò etí?

Ẹ̀yin ará wa ní Laranto, ọ̀rọ̀ etí la mú wá lónìí. Ẹ mú páálí kọ́tìn bọ́ọ̀dù tó wà nílé yín, kí ẹ ka ara rẹ̀ dáadáa. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn tó ṣe é gan-an ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a má tì í bọ ihò etí. Ṣùgbọ́n ihò etí yẹn náà la ń rà á fún!

Ìdọ̀tí etí tí à ń lé kiri yìí, ara ló ń ṣe é, apá ìta ihò etí nìkan ló sì ti ń ṣe é. Ó ń gbá eruku mú, awọ inú ihò náà á sì máa rọra gbé e bọ̀ níta. Bí a bá ti igi olówùú wọlé, díẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ òwú là ń rí tí inú wa ń dùn sí. Èyí tó kù ti wọlé síbi tí kò ti lè dá jáde mọ́. Ihò náà kò gùn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ kó tó kan ìlù etí, nítorí náà bí ọmọ bá ṣèèṣì gbá wa lọ́wọ́, ìlù lè lu. Ìyẹ́ adìyẹ àti ìdérí bírò kò sàn jù ú lọ.

Ẹ wo bó ṣe sábà ń rí. Ẹnì kan wẹ̀ tán, etí rẹ̀ kan dí pa. Omi ló mú ìdọ̀tí inú rẹ̀ wú. Ó fi kọ́tìn bọ́ọ̀dù wá a, ó tún dí sí i. Ó wá dé kẹ́mísìtì, wọ́n fún un ní oògùn àkánsétí. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà o. Púpọ̀ nínú wọn, oògùn kòkòrò ni, bíi jẹntamáísìn, kì í rọ ìdọ̀tí rárá. Bí ìlù etí bá sì ti lu tẹ́lẹ̀, jẹntamáísìn lè ba ìgbọ́ràn jẹ́. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó: ti kòkòrò ni àbí ti ìdọ̀tí?

Èyí tó ń rọ ìdọ̀tí kò wọ́n. Òróró ólífì tó, omi oníyọ̀ tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì náà tó. Lọ́dún 2018, àjọ Cochrane gbé ìwádìí oríṣiríṣi yẹ̀ wò: kíkán nǹkan sétí fún bí ọjọ́ 5 sàn ju kí a má kán nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹ̀rí pé oògùn olówó gọbọi kan ju omi lásán lọ. Ẹ di ìgò òróró náà mú sí àtẹ́lẹwọ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ kán 2 tàbí 3, kí ẹ wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọjọ́ 3 sí 5. Ó lè kọ́kọ́ dà bíi pé ó tún dí sí i; ìdọ̀tí tó ń rọ̀ ni.

Bí etí bá ń ṣọyún, tó ń ro yín, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìlù rẹ̀ ti lu rí, ẹ má kán ohunkóhun sí i. Bí ẹ kò bá sì ṣàdédé gbọ́ràn mọ́, ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Jọ́ọ̀sì wà ní Lamingo nítòsí wa, ilé ìwòsàn etí ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Kàdúná. Àwọn ló lè fi iná wo inú etí kí wọ́n tó yọ ohun tó wà níbẹ̀.