A Kì Í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá: Ta Ló Já Náírà Wálẹ̀?

Nígbàkígbà tí náírà bá já wálẹ̀, igbe kan náà là ń gbọ́ káàkiri ọgbà ilé ẹ̀kọ́: "Àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là lójú títì ló fà á!" Àwa ò gbà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 2014. Láàárín ọdún yẹn, àgbá epo rọ̀bì kan ju 100 dọ́là lọ. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kìíní ọdún 2016, kò tó 30 dọ́là mọ́. Bẹ́ẹ̀, nínú dọ́là 10 tí ọjà tí Nàìjíríà ń tà sókè òkun ń mú wọlé, epo ló ń mú bíi 9 wá.

Ká ṣírò rẹ̀. Ká ní mílíọ̀nù 2 àgbá là ń tà lójúmọ́. Ní 100 dọ́là, mílíọ̀nù 200 ló ń wọlé. Ní 30, ó di mílíọ̀nù 60. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó àlìkámà, oògùn àti ẹ̀rọ wọlé ṣì ń wá dọ́là rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ rà kò dín, ohun tí wọ́n fẹ́ rà ló dín. Bí tòmátò bá wọ́n ní Bódìjà, ṣé owó rẹ̀ kò ní gòkè ni? Ọjà ni dọ́là náà.

Kí ni Báńkì Àpapọ̀ ṣe? Wọ́n di dọ́là kan mú sí náírà 197, wọ́n sì ń ná owó ilẹ̀ òkèèrè tó wà nípamọ́, títí tó fi wálẹ̀ láti bíi bílíọ̀nù 37 dọ́là sí bíi 26. Ní Oṣù Kẹfà 2015, wọ́n ní àwọn ò ní ta dọ́là fún ẹni tó ń kó oríṣi ọjà 41 wọlé mọ́, títí kan igi tí a fi ń tayín. Àwọn oníṣòwò náà gba ojú títì lọ, dọ́là sì ju náírà 300 lọ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 20 Oṣù Kẹfà 2016, báńkì jọ̀wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ló kọjá 280.

Àwọn kan á ní bí náírà bá já, ọjà wa á tà sí i. Òótọ́ ni fún àgbẹ̀ kòkó, náírà tó ń gbà á pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń dá iye lé epo. Jíjá náírà kò fi àgbá kan kún un.

A ò sọ pé àwọn tó ń kó dọ́là pamọ́ kò dá kún un. Wọ́n dá kún un. Ṣùgbọ́n àlàfo láàárín iye ti báńkì àti ti títì ni wọ́n rí tí wọ́n fi ń kó o pamọ́. Bí àlàfo yẹn bá ti ń fẹ̀, dọ́là ló ń wọ́n. Ní Oṣù Kejì 2024, wọ́n tún lọ kó àwọn tó ń ṣẹ́ owó l'Ábújá. Ẹ bi wọ́n: àgbá epo mélòó ni ìyẹn fi kún ohun tí à ń tà?