Ìjọba Ni Kò Ní Ẹ̀sìn, Ọmọ Ní Tirẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè gbé mì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba kan ní agbègbè wa kọ̀wé sí dìrẹ́tọ̀ wọn, pé kó yọ̀ǹda kíláàsì kan fún wọn láti máa gbàdúrà nígbà ìsinmi ọ̀sán. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló jọ fọwọ́ sí ìwé náà. Dìrẹ́tọ̀ kò tilẹ̀ pè wọ́n láti bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi dá wọn lóhùn: “Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò ní ẹ̀sìn.”

Ààbọ̀ òótọ́ nìyẹn. Ìwé òfin ńlá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, sọ ní ẹsẹ 2 pé ìjọba wa kò bá ẹ̀sìn kankan ṣe. Ìwé kan náà ló sọ ní ẹsẹ 23 pé olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀sìn rẹ̀ àti ìjọsìn rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá da ìlú rú, tó sì bọ̀wọ̀ fún ipò ìjọba tí kò gbè sẹ́yìn ẹ̀sìn kankan. Ta ló wá ní ká ka ẹsẹ kan ká fo èkejì? Bí tíṣà bá dá ẹ̀kọ́ ìṣirò dúró, tó ní kí kíláàsì kúnlẹ̀, ó ti ta ko ẹsẹ 2, àwa la ó sì kọ́kọ́ pariwo. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mẹ́wàá bá fi àkókò ìsinmi ara wọn gbàdúrà, tí tíṣà kankan kò darí wọn, níbo ni ìjọba ti gbàdúrà níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo àkókò tí wọ́n ń bèèrè. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí ń jáde ní aago méjìlá, wọ́n á tún wọlé ní aago mẹ́ta. Ọmọ tí ilé rẹ̀ wà nítòsí á lọ jẹun. Èyí tó ti abúlé wá kò lè lọ kó bọ̀. Á ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn ìyá olóúnjẹ, á jókòó sábẹ́ igi títí agogo á fi dún. Ìrun Àìlà ń wọlé nígbà tí oòrùn bá yẹ àtàrí, lọ́dọ̀ wa níbí, láàárín aago méjìlá ààbọ̀ sí nǹkan bí aago kan. Rákà mẹ́rin ni. Tòun ti àlùwàlá, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó o. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ní tiwọn bèèrè ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Nínú wákàtí mẹ́ta, ẹ̀kọ́ wo ni ìyẹn jẹ? Àwọn ọmọ eré tíátà sì ń lo kíláàsì ní wákàtí kan náà, ẹnikẹ́ni kò lé wọn.

Àmọ́ o, ẹ̀rù tó ń ba dìrẹ́tọ̀ kì í ṣe asán. A mọ bí irú ìpàdé yìí ṣe ń bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ kìíní, àwọn ọmọ nìkan ni. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, pásítọ̀ tàbí àlùfáà kan á yọjú láti òde pẹ̀lú gbohùngbohùn. Lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó, ọmọ tí kò bá wá á sì di ẹni yẹ̀yẹ́. Bí ẹ bá ti rí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, ìpàdé ti kúrò lọ́wọ́ ọmọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kíkọ̀ kò wo àrùn náà. Bí a bá lé wọn nínú kíláàsì, inú ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí lẹ́yìn ọgbà ni wọn ó lọ, níbi tí ojú àgbà kò tó.

Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí dìrẹ́tọ̀ fún wọn ní kíláàsì tó súnmọ́ ọ́fíìsì rẹ̀, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà ní aago méjì. Kí òbí ọmọ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Kí àgbà kankan má ti òde wá, kí wọ́n má gba owó, kí wọ́n má lu ìlù. Bí ọmọ onísẹ̀ṣe bá bèèrè lọ́la, òfin kan náà ni kí wọ́n fi gbà á. Kí wọ́n dán an wò fún oṣù mẹ́ta. Ẹgbẹ́ tó bá rú àdéhùn ni kó pàdánù àyè, kí wọ́n má fìyà jẹ àwọn tó kù.

Ẹ̀yin ìjòyè, a bẹ̀ yín, ẹ rán ènìyàn mẹ́ta sí dìrẹ́tọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́: Mùsùlùmí kan, Kìrìsìtẹ́nì kan, onísẹ̀ṣe kan. Kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n padà sílé, kí wọ́n sì fi àdúrà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Dìrẹ́tọ̀ ní ti wọn, kí wọ́n fi ìwé dáhùn ìwé. Bí wọ́n bá ṣì máa kọ̀, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún wa ohun tí wọ́n fi ẹsẹ 23 ṣe.