Káàdì dé ọwọ́ bàbá, iṣẹ́ abẹ kò sí nínú ẹ̀!

Nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rò pé ọkàn òun ti balẹ̀ lọ́jọ́ tó san owó ètò adójútòfò ìlera ọdún kan fún bàbá rẹ̀, ẹni ọdún 67, l'Ábẹ́òkúta. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí ìtọ̀ fi há bàbá lóru. Ọsibítù fi rọ́bà fa ìtọ̀ náà, kọ́bọ̀ kò jáde lápò wọn. Ìgbà tí dókítà ní ó ku iṣẹ́ abẹ ni ọ̀rọ̀ dàrú. Ọsibítù pe iléeṣẹ́ adójútòfò pé kí wọ́n fún àwọn ní kóòdù àṣẹ, wọ́n ní kò sí kóòdù.

"Màámi, àbí wọn ò rí káàdì yẹn ni?"

"Wọ́n rí i o, ọmọ mi. Wọ́n ní kò tíì gbó."

Òótọ́ ni. Ó wà nínú ìwé àdéhùn, lójú ewé tí ọmọ ò ṣí: ìtọ́jú pàjáwìrì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ abẹ tó ṣeé dá ọjọ́ sí di ẹ̀yìn oṣù mẹ́fà, àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ sì di ẹ̀yìn ọdún kan. Bẹ́ẹ̀, ó ti tó ọdún méjì tí bàbá ti ń jí tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóru. Ọmọ ló san owó iṣẹ́ abẹ, owó káàdì sì ti lọ.

Nígbà tó kan màmá, ẹni ọdún 61 tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ìwé àdéhùn ló kọ́kọ́ gbà kó tó sanwó. Ó wo ọjọ́ orí, torí ètò mìíràn kì í gba ẹni tó ti lé ní 60 tàbí 65. Ẹni tó ń tà á ní kó má dárúkọ ìtọ̀ ṣúgà, kí owó lè dínkù. Ó kọ̀. Àìsàn tí wọ́n bá fi pamọ́ ni iléeṣẹ́ fi ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìṣòro, fáìlì ọsibítù á sì tú àṣírí. Ó tún bèèrè bóyá oògùn oṣooṣù wà níbẹ̀, tàbí rírí dókítà nìkan.

Ó wá yẹ owó wò. Ìwé ní mílíọ̀nù kan náírà lọ́dún, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, iṣẹ́ abẹ ò gbọdọ̀ kọjá 250,000. Bí ọsibítù bá gba 600,000, ọmọ ló máa wá 350,000 tó kù.

Ó parí ẹ̀ sí ọsibítù. Ó ní kí àbúrò òun lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kó bèèrè bóyá wọ́n ṣì ń gba káàdì iléeṣẹ́ náà, torí orúkọ máa ń wà nínú ìwé nígbà tí ọsibítù ti jáwọ́ nítorí gbèsè. Àkọ́kọ́ ní àwọn ò gbà á mọ́. Èkejì, tí kò jìnnà sílé, ní àwọn ń gbà á. Ìgbà yẹn ló tó sanwó.