Orúkọ Inú Tíkẹ́ẹ̀tì àti Owó Ojú Pápákọ̀

Ẹ̀yin ìyá wa, owó tí ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú kọ́ ni òpin ìnáwó. Òmíràn ń dúró de èrò ní pápákọ̀: ti ẹrù, ti àga, àti ti orúkọ tí a ṣì kọ. Ti orúkọ ni n ó sọ jù, nítorí àwa Mùsùlùmí, orúkọ kan náà ni ẹnì kan ń kọ ní Rafiat, tí ẹlòmíràn ń kọ ní Rofiat tàbí Rafatu. Nílé, kò sí ìjà. Ní pápákọ̀, ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á mú ìyá kan láti Èkó, tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ náà ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un láti ọ̀hún, ó sì kọ Alhaja Rafatu Adebayo, bí gbogbo àdúgbò ti ń pè é. Ẹ wá wo páṣípọọ̀tù ìyá náà, nísàlẹ̀ ojú ewé tí àwòrán rẹ̀ wà. Bí ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí:

```
P<NGAADEBAYO<<RAFIAT<ABIKE
```

NGA dúró fún Nàìjíríà. Orúkọ ìdílé ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àmì méjì, kí orúkọ tirẹ̀ gan-an tó dé. Ìlà yìí ni ẹ̀rọ wọn ń kà. Òun ni kí ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì wé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kò rí Alhaja níbẹ̀: oyè ni, kì í ṣe orúkọ.

Bí wọ́n bá rí àṣìṣe náà lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, kí ọmọ náà ké sí ẹni tó tà á fún un kíákíá. Bó bá jẹ́ lẹ́tà méjì mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú a máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó díẹ̀. Bó bá di ojú pápákọ̀, wọ́n lè gba owó gọbọi, wọ́n tilẹ̀ lè ní kí ó ra òmíràn, pàápàá bí ilé iṣẹ́ méjì bá ni yóò gbé e dé ibi tó ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́ orúkọ ọkọ, ṣùgbọ́n tí orúkọ bàbá yín ṣì wà nínú páṣípọọ̀tù, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe lẹ́tà lójú wọn, ẹlòmíràn ni. Orúkọ inú páṣípọọ̀tù ni kí ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹrù ńkọ́? Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì ìyá yìí gba àpótí méjì, kílò 23 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí èlùbọ́ wà nínú rẹ̀ wọ̀n tó kílò 28, èkejì jẹ́ 17. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 45, kò tó 46 tí wọ́n gbà fún un, síbẹ̀ yóò sanwó, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọ̀n. Kí ó kó kílò 5 èlùbọ́ sínú èkejì, ó di 23 àti 22. Ilé ni kí ó ti ṣe é, kì í ṣe iwájú òṣùwọ̀n wọn, níbi tí èrò ti tò sẹ́yìn rẹ̀.

Ti àga kò le. Ẹni tí kò sanwó láti yan àga yóò rí èyí tí wọ́n bá fún un jókòó. Bí ìyá náà bá ń dá lọ, kí ó fi owó náà pamọ́. Ẹni tó ń mú àwọn ọmọ lọ ni kí ó béèrè ṣáájú bóyá wọn yóò jókòó pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.